Ike síkúrúù méjì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kábíńtà mi n'Iléṣà

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ra síkúrúù bí ẹni tí ń ra iyọ̀ nígbà tí ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná: àfi bí ọmọ iṣẹ́ bá ní, “Ọ̀gá, ó ti tán o,” kí n tó wá owó. Ọjọ́ kan ni síkúrúù íńṣì kan ààbọ̀ tán nígbà tó ku ilẹ̀kùn kí á parí wọ́dúróòbù oníbàárà kan. Òmíràn wà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti ń ra irú èyí tí orí rẹ̀ kì í tètè bó, ọjọ́ mẹ́rin sì ni láti ìgbà tí mo bá ti fóònù títí tí yóò fi dé gáréèjì. Gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni ilẹ̀kùn náà fi fara ti ògiri.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ike ọ̀dà méjì. Inú ike iwájú ni gbogbo wa ti ń mú. Bí ó bá ti ṣófo, a ó fa ti ẹ̀yìn síwájú, èmi yóò sì ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà gan-an, láìka síkúrúù kankan. Bí ọjà bá dé, ike ẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ kún padà dé iye rẹ̀, ìyókù yóò lọ síwájú.

Iye tí ó yẹ kí ó wà nínú ike ẹ̀yìn ni ó gba ìrònú. Mo ka ohun tí a ń lò fún ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá, ó sì jẹ́ nǹkan bí 80 lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù, a lo 110. Bí mo bá fi 80 ṣe ìṣirò ọjọ́ mẹ́rin, 320 ni, kò sì ní sí àlékún kankan bí iṣẹ́ bá ya wọlé. Nítorí náà 110 ni mo lò, ó jẹ́ 440, mo sì fi í sí 450.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ba ètò yìí jẹ́ ni inú rere. Ọmọ iṣẹ́ kan, kí ti iwájú má baà tán, a máa bu ti ẹ̀yìn kún un díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì sì jọ tán lọ́jọ́ kan. Ní báyìí, mo ń fi ọ̀rá di ẹnu ike ẹ̀yìn, mo sì ń so páálí kékeré mọ́ ọn, tí a kọ irú síkúrúù náà, iye tí a ó rà àti nọ́ńbà ẹni tí ń tà á sí. Ẹni tí ó bá já ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ mú páálí wá fún mi. Bí mo bá rí i pé ọ̀rá ti já tí páálí kò sì sí lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti yọ́ bù ú.

Nígbàkigbà tí ọjà bá dé, mo máa ń wo ohun tí ó ṣẹ́ kù. Lóṣù Kejìlá, tí iṣẹ́ pọ̀, díẹ̀ ló kù kí ó tán, mo sì fi 150 kún un.

Àgádágodo wọ́dúróòbù kò sí nínú ètò yìí, nítorí owó rẹ̀ pọ̀ ju kí ó jókòó sínú ike. Inú dúrọ́ mi ni ó wà, níye-níye.