Ẹ fi àmì ohùn dán lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ wò kí ẹ tó fẹ fọ́ńtì yín

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ bá gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́ńtì lọ́wọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti yanjú lẹ́tà díẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyókù, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fojú mi gbolẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ fọ́ńtì tiwọn, tí ẹlòmíì ò ní lò. Wọ́n fún mi ní lísìtì lẹ́tà tí wọ́n fẹ́, ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n má dààmú, pé fọ́ńtì tó bá ti gba lẹ́tà Fietnámù ti gba Yorùbá tán, ṣ nìkan ni kí n fi kún un. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a máa fi hàn wọ́n pé, akọ̀wé wọn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ohun tó ń tẹ̀ ń hàn gàdàgbà lára ògiri. Ó tẹ "ilé", ó dáa. Ó tẹ "ọjà", ó dáa, ọ̀gá wọn tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá tẹ "ọjọ́". Ọ àkọ́kọ́ tiwa ni, j tiwa ni, ọ́ tó kẹ́yìn ṣàdédé di ti fọ́ńtì míì, ó sanra, ó kúrú, kò jọ àwọn ará iwájú ẹ̀ rárá. Ó tẹ "ẹgbẹ́", ohun kan náà. Wọ́n ní kó ṣí i nínú sọ́fítíwíà míì, ibẹ̀ ló wá burú jù, lẹ́tà ẹ dúró sáyè ẹ̀ àmọ́ àmì òkè ti kúrò lórí ẹ̀, ó lọ há sápá ọ̀tún bíi fìlà tí atẹ́gùn gbé. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá wọn ní, "Ṣé Yorùbá wá ni kò ṣeé kọ nínú fọ́ńtì tí a sanwó fún yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀gá tó ní kí n má dààmú wà níjòókòó, fóònù ẹ̀ ló ń wò.

(Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé mi ò dán an wò, mo dán an wò o! Ọ̀rọ̀ táwọn fúnra wọn fún mi pé kí n fi dán an wò ni kò ní àmì ohùn kankan lórí.)

Ohun tó fà á rèé. Nínú Yúníkóòdù, é ní nọ́ńbà tiẹ̀, U+00E9, à náà ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí "ilé" àti "ọjà" fi dáa. Ẹ ní tiẹ̀, ọ ní tiẹ̀, àwọn ará Fietnámù ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, méjì méjì ni wọ́n: ẹ jẹ́ U+1EB9, àmì ohùn òkè tó tẹ̀ lé e jẹ́ U+0301, ti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ U+0300. Wọn ò sì ní fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́, ìlànà Yúníkóòdù ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Torí náà fọ́ńtì gbọ́dọ̀ ní àmì yẹn ní glífù fúnra ẹ̀, kó sì mọ ibi tó máa gbé e sí. Tí kò bá ní i, sọ́fítíwíà máa lọ yá a níbòmíì, òmíràn á yá lẹ́tà àti àmì pọ̀, òmíràn á yá àmì nìkan. Ohun méjèèjì tó ṣẹlẹ̀ lójú ògiri yẹn nìyẹn.

Mo tún un ṣe ṣá, wọ́n gbà á, wọ́n ń lò ó báyìí.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù tí mo kọ́ ni pé àmì ohùn kì í ṣe ohun tí a ń fi kún un tí a bá parí. Ẹ jẹ́ kó wà lára lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn. Púpọ̀ nínú wa máa ń fi a d h e s i o n bẹ̀rẹ̀, ó dáa, torí láti ara n lẹ ti máa rí m, u àti r, láti ara o lẹ ti máa rí c, b, p, q. Kí ẹ tó kúrò lórí mẹ́jọ yìí, ẹ ya acutecomb, gravecomb àti dotbelowcomb, kí ẹ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní áńkọ̀ méjì, `top` àti `bottom`, kí àmì òkè náà ní `_top`, ti abẹ́ ní `_bottom`. Áńkọ̀ méjì yìí ló máa ń wá ara wọn rí.

Bí tèmi ṣe rí báyìí: fọ́ńtì náà jẹ́ 1000 yúnítì, x ga tó 490, o ga díẹ̀ jù ú lọ, ó dé 500, torí ohun tó bá rí roboto tí a bá gé e dọ́gba pẹ̀lú x á dà bí ẹni pé ó kéré. `top` gbogbo lẹ́tà kékeré wà ní 490, `_top` ara acutecomb náà wà ní 490, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ibẹ̀ ni mo ya àmì fúnra ẹ̀ sí, kí àyè lè wà láàárín wọn. Lẹ́tà ńlá ga tó 700, mo fi `top` wọn sí 700, àmì á gòkè ní 210 fúnra ẹ̀, kò sí pé à ń yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti ọ̀tún àti òsì, fún o, àárín gan-an ni. Fún e, ẹ má gbàgbọ́ nínú àárín tí kọ̀ǹpútà bá ṣírò, ẹnu e ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ojú yín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ tẹ "ẹ́ọ́ẹ́ọ́" kẹ́ ẹ wò ó bóyá àmì ń yẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì jọ ti àkọ́kọ́, mo mọ̀. Ẹ má ya ẹ bíi lẹ́tà tuntun. Ẹ fi e àti dotbelowcomb kọ́ ọ, kó lè jẹ́ pé tí ẹ bá tún e ṣe lọ́la, lẹ́tà ẹ náà á tẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ sì ṣí i wò bóyá `top` ara e ṣì wà lórí lẹ́tà ẹ, torí tí kò bá sí níbẹ̀, àmì òkè ò ní rí ibi dì mú, ẹ sì ti padà síbi fìlà yẹn nìyẹn.

Ti sípéèsì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ yanjú "nnonn" àti "HHOHH" kí ẹ tó fẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣá ni pé kí fífẹ̀ acutecomb àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ́ òdo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àlàfo á máa là sáàárín ọ̀rọ̀ níbi tí àmì bá wà.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé Fietnámù ti tó, ẹ ní kó tẹ "ọjọ́" fún yín. Tó bá yege, kó tẹ m̀, torí ń àti ǹ ní nọ́ńbà tiwọn, ḿ pàápàá ní, m̀ ò ní, m sì máa ń wà lára àwọn tí wọ́n ń gbàgbé láti fi áńkọ̀ sí. Lẹ́yìn náà kó tẹ Ọ̀ àti Ẹ́ lórí ìlà kejì, lábẹ́ ìlà tó ní ọ àti ṣ, kí ẹ wò ó bóyá àmì òkè ìlà ìsàlẹ̀ ń gún dọ́ọ̀tì abẹ́ ìlà òkè. Tó bá ń gún un, ẹ fi kún àlàfo ìlà nínú fọ́ńtì fúnra ẹ̀ kí ẹ tó gbé fáìlì fún ẹnikẹ́ni.