Ìrun Àìlá ní Ìbàdàn, ìrun Àìlá ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní Ìbàdàn, àkókò ìrun kì í yẹ̀ púpọ̀. Láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kejìlá, Àìlá ń wọlé láàárín aago 12:30 sí aago 1:00, Aláàsárì ń wọlé ní nǹkan bí aago 4, ìgbà tí Mọ̀ǹgàríbà bá sì wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti palẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Ẹni tó ń wọlé ní aago 8 tó ń jáde ní aago 5 mọ̀ pé ìrun méjì ló máa ká òun mọ́ ibi iṣẹ́, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n máa ká òun mọ́ ọn, lọ́dọọdún. Ladani á pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí itòsí, onítọ̀hún á bu omi sí kẹ́tù, á ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé, kò sì ní pẹ́ tó fi máa padà sídìí iṣẹ́.

Ẹni tó bá gbé ìṣirò yìí dé Lọ́ńdọ̀nù á rí i pé kò bá ibẹ̀ mu. Nínú oṣù Kẹfà, Àìlá ń wọlé ní nǹkan bí aago 1:05, Aláàsárì ní nǹkan bí aago 5:25, Mọ̀ǹgàríbà sì di aago 9 kọjá lálẹ́. Ìrun kan péré ló bọ́ sáàárín aago 9 òwúrọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Nínú oṣù Kejìlá, Àìlá wọlé ní aago 12, Aláàsárì ní nǹkan bí 1:40, Mọ̀ǹgàríbà ní nǹkan bí 3:55. Mẹ́ta ló wọlé láàárín wákàtí mẹ́rin. Ọ̀gá tó rí i pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á máa wò ó nígbà òtútù pé ó ti sọ ìrun di àwáwí. Kò mọ̀ pé oòrùn ló yí padà. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ti fi àkókò ìrun oṣù méjèèjì yìí hàn án ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó di ìfura.

Ohun tó ń yà ènìyàn lẹ́nu ni pé òfin Nàìjíríà lawọ́ ju ti Ìlú Ọba lọ lórí ìsinmi. Òfin iṣẹ́ wa nílé sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ní Ìlú Ọba, ìlànà ọdún 1998 fún ẹni tó bá ṣe ju wákàtí mẹ́fà lọ ní ogún ìṣẹ́jú, ọ̀gá ló sì lè mú ìgbà tó máa jẹ́, kó ṣáà ti bọ́ sáàárín iṣẹ́. Kò sí òfin kankan níbẹ̀ tó dárúkọ ìsinmi ìrun. Ṣùgbọ́n nílé, bóyá ni ẹnì kan ń ka wákàtí yẹn. Ohun tí ọ̀gá bá gbà náà ni. Lọ́hùn-ún, wọn ò ní fi ìṣẹ́jú kan dín ogún náà, òfin ò sì fi dandan mú wọn láti fi ìṣẹ́jú kan kún un.

Ogún ìṣẹ́jú tó, bí ènìyàn bá mọ ibi tó máa gbé e sí. Nínú oṣù Kejìlá, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ìsinmi yín bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 1:30. Ẹ kí Àìlá ní ìparí àkókò rẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí Aláàsárì á fi wọlé, kí ẹ kí òun náà lórí ẹní kan náà. Ẹ ò da ìrun méjì pọ̀, ìkọ̀ọ̀kan wà nínú àkókò tirẹ̀. Mọ̀ǹgàríbà nìkan ló kù, ẹni tó ń jáde ní aago 5 ṣì lè bá a kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Omi ló máa ń fa ìjà jù. Ẹsẹ̀ tí a gbé sókè sínú báńsìnnì ìfọwọ́ ń da omi sílẹ̀, ẹlòmíràn á yọ̀ ṣubú, ẹjọ́ á sì dé. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀sẹ̀ awọ nílé lórí àlùwàlá pípé lè fi ọwọ́ tútù pa á lórí fún ọ̀sán àti òru kan, láìbọ́ ọ. Kò ní nílò ju ìgò omi kékeré kan lọ. Ká má gbàgbé Kíbúlà: ní Ìbàdàn, ìhà ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá là ń kọjú sí, ní Lọ́ńdọ̀nù, àárín ìlà-oòrùn àti gúúsù ni.

Jímọ̀ ló le jù. Ní Èkó, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń dí ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹni tó bá sì dé orí káńtà ní aago 1:30 tí wọ́n ní “wọ́n ti lọ kírun” á jókòó dúró. A mọ̀ pé ìrun tí kò gbà ju wákàtí kan lọ máa ń di mẹ́ta ní àwọn ibòmíràn, oníbàárà ló sì ń jìyà rẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ní Ìlú Ọba, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń pinnu rẹ̀: bí ẹ bá lọ, ta ni yóò dúró sí àyè yín?

Ẹjọ́ kan wà tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn iṣẹ́ dá ní 2011. Ọkùnrin Mùsùlùmí kan ń ṣọ́ ọ́fíìsì ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti ń lọ kí Jímọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, oníbàárà tó gbà wọ́n ní òun ń sanwó kí gbogbo ọlọ́dẹ tí àwọn jọ ṣàdéhùn wà níbẹ̀ ní gbogbo wákàtí iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó máa ṣe Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, kó fi Sátidé tàbí Sọ́ńdè rọ́pò Jímọ̀. Kò gbà. Yàrá ìrun sì wà níbi iṣẹ́ náà. Ó pàdánù. Àwọn adájọ́ gbà pé òfin ilé iṣẹ́ náà ni Mùsùlùmí lára. Ohun tó bi ẹjọ́ rẹ̀ wó ni pé ìdí iṣẹ́ wà tó dájú, wọ́n sì ti fi ọ̀nà mìíràn lọ̀ ọ́. Òfin ọdún 2010 lórí ìdọ́gba ni wọ́n ń fi wọn irú ọ̀rọ̀ yìí lónìí: ìlànà tó ń ni ẹlẹ́sìn lára kò tọ́, àfi tí ọ̀gá bá lè fi hàn pé ohun tí òun ń lépa bófin mu, àti pé ọ̀nà tí òun gbà kò pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Nítorí náà, iye ìṣẹ́jú ló yẹ kí ẹ gbé lọ bá máníjà. Ẹ wo ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́. Ká ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà ní ṣíífìtì aago 8 sí aago 8, oníkálukú ní ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́ṣáláṣí jìnnà tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kútúbà àti ìrun gba ogójì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan, ìsinmi méjèèjì tí a so pọ̀ sì bò ó. Ṣùgbọ́n aago 12:30 sí 1:30 ni oúnjẹ ọ̀sán àti oògùn, ẹni méjì ló sì gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé àgbàlagbà tí kò lè dìde. Bí ẹnì kan bá jáde, tí méjì ń gbé ènìyàn lórí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tí oúnjẹ lè há lọ́nà ọ̀fun. Ìyẹn ni ìdí iṣẹ́ gidi, kò sì yẹ ká bá a jà. Mọ́ṣáláṣí tó bá ń kí Jímọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ wá, kí ẹ mú ìkejì tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 2, nígbà tí ara ti tù wọ́n nínú ilé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa dúró fún yín sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ibi tí irú àdéhùn yìí ti ń bàjẹ́ ni Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá dá aago padà sẹ́yìn wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí á fa Jímọ̀ wá síwájú, á sì bọ́ sí àárín oúnjẹ ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ á lọ bó ṣe máa ń lọ, máníjà á ní kò tẹ̀lé ohun tí wọ́n jọ kọ. Ẹ kọ àkókò ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òtútù sínú ìwé kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nílé, a kì í yí aago, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń rántí èyí títí tí ó fi máa ṣẹlẹ̀.

Lórí aṣọ, ìdájọ́ kan láti ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Yúróòpù ní Strasbourg ní oṣù Kìíní 2013 ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà jù. Obìnrin méjì ará Ìlú Ọba gbé ẹjọ́ àgbélébùú ọrùn wọn lọ. Èkíní ń gba èrò ní pápákọ̀ òfuurufú, ó jàre, nítorí pé ìrísí ilé iṣẹ́ nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ rí tọ́ka sí. Èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó jẹ̀bi, nítorí pé aláìsàn lè fa ẹ̀wọ̀n náà tàbí kó kan ojú egbò, wọ́n sì ti ní kó fi í mọ́ àyà aṣọ bí báàjì. Àgbélébùú kan náà ni.

Bí híjáàbù ṣe rí náà nìyẹn. Káńtà ilé ìfowópamọ́ kò ní ìdí kan láti kọ̀ ọ́. Ní wọ́ọ̀dù, ẹ má lo pínnì, torí ó lè já sórí ibùsùn. Èyí tó fà mọ́ orí ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú ọrùn aṣọ, nítorí aláìsàn tí iyè rẹ̀ ti rá lè dì í mú kó sì fún yín lọ́rùn. Apá ni wàhálà tó kù. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣí apá láti ìgúnpá wá sílẹ̀, nítorí etí apá aṣọ ń kó kòkòrò àrùn, kì í sì í jẹ́ kí a fọ ọrùn ọwọ́ dáadáa. Ìlànà ìjọba ní 2010 gbà kí obìnrin lo apá ọ̀rá alásọnù, tó ní rọ́bà ní ìgúnpá àti ní ọrùn ọwọ́, kó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láti orí aláìsàn kan sí òmíràn, bíi ìbọ̀wọ́. Kó béèrè rẹ̀ kí ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í sí lórí kẹ̀kẹ́ wọ́ọ̀dù bí a ò bá bèèrè. Òfin apá yìí kan ìdè Ifá náà: òrùka ìgbéyàwó tí kò ní òkúta nìkan ni wọ́n sábà ń fi sílẹ̀.

Ní ti ilé, àlàáfíà tó wà láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú ẹbí kan náà ló ń ti ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́yìn, èyí tí Ìlú Ọba kò ní. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀gá ló rọ̀ mọ́. Bí ọ̀gá tuntun bá dé tó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá síbi àdúrà òwúrọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì òun, tàbí tó ní òun ò fẹ́ ẹlẹ́hàá, abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, tó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan tọ́ka sí i nínú ọ́fíìsì. Ní oṣù Kejìlá 2017, wọn ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan wọ ibi tí wọ́n ti ń gbà wọ́n sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Àbújá, nítorí pé ó dé wíìgì lé híjáàbù. Oṣù Keje 2018 ni wọ́n tó gbà á wọlé, pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, agbẹjọ́rò tó wọ híjáàbù kò ní láti dé wíìgì rárá.