Ibà kọ́ ló ń ṣe Kékeré

Ilá àti ata la fẹ́ fọ́n oògùn kòkòrò sí lọ́jọ́ náà, lóko mi lẹ́bàá Kétu Ẹ̀pẹ́. Oko ọ̀hún kò tó éékà méjì. Èmi àti àwọn ọmọ méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ la jọ ń ro ó. Ọ̀kan nínú wọn là ń pè ní Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga jù mí lọ, òun ló sì máa ń gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn.

Pọ́ńpù oní-lítà 16 ni, ó sì ti ń jò fún bí oṣù méjì. Rọ́bà abẹ́ ìdérí rẹ̀ ti sán, tí ẹni tó gbé e bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, díẹ̀ á dà sí i lẹ́yìn. Mo mọ̀, Kékeré náà mọ̀. Ọ̀rá la fi wé ìdérí náà, à ń bá iṣẹ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fọ́n pọ́ńpù mẹ́rin tán kí oòrùn tó wọ àtàrí, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Nígbà tí ẹnu pọ́ńpù dí, ó tú u, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan, torí èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago kan, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo fún un ní párá, mo ní kó lọ jókòó sábẹ́ àbà. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, òógùn ti bò ó bí ẹni tó jáde nínú omi, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Kò pẹ́ tó fi bì, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu ú. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ní ibà ni, ká wá àgbo fún un. Ẹlòmíràn ní ká fún un ní epo pupa mu, kí ó lè pa oró náà. Mílíìkì inú agolo lèmi wá lọ.

Mo ṣáà fi fóònù pe nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò wa kí n tó ṣí agolo náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí rèé: “Bọ̀dá, aṣọ tó fi fọ́n oògùn ńkọ́?”

Mo ní, “Ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, Àǹtí.”

“Ẹ bọ́ ọ! Kí ẹ tó bọ́ ọ, ẹ wá nǹkan wọ ọwọ́. Ẹ má fún un ní nǹkan kan mu, ẹ má jẹ́ kó fi ipá bì. Ara ni oògùn yẹn ń gbà wọlé, ó sì ń wọlé lọ báyìí.”

Ó tún ní kí n wo ọmọ ojú rẹ̀. Inú àbà yẹn ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ ojú ẹni tó wà níbẹ̀ là. Ti Kékeré ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹran apá rẹ̀ sì ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ.

A bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé bẹ̀bẹ̀rẹ̀ tutù rinrin, ó ń rùn. A fi ọṣẹ àti omi kànga wẹ̀ ẹ́, bí korobá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí dé inú irun àti abẹ́ èékánná, lẹ́yìn náà la gbé e sórí ọ̀kadà láàárín ènìyàn méjì, ó di ọsibítù ìjọba. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ nǹkan tí màá wọ̀ sọ́wọ́. Orí fọ́ èmi náà dalẹ́.

Ohun tí dókítà bi mí ni orúkọ oògùn. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Ìgò omi lásán ni ẹni tó tà á fún mi rọ ọ́ sí, kò sí lébù kankan lára rẹ̀. Dókítà ní òun á fi àmì tí òun rí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oògùn oko ni ìtọ́jú rẹ̀ jọra. Párákúáàtì tí wọ́n fi ń pa koríko, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń bà jẹ́, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n fi ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ sì lè dá kún ìpalára tirẹ̀. Ẹ wo bí lébù kan ti ṣe pàtàkì tó.

Abẹ́rẹ́ atirópíìnì ni wọ́n gún Kékeré, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi irin gbọ́ àyà rẹ̀, títí omi tó ń hó níbẹ̀ fi gbẹ. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí: iṣan máa ń ránṣẹ́ sí ẹran ara pé “ṣiṣẹ́”, lẹ́yìn náà nǹkan kan wà nínú ara tó máa ń gbá iṣẹ́ náà kúrò kí ara lè sinmi. Oògùn kòkòrò yìí ló ń so agbálẹ̀ náà lọ́wọ́. Ariwo “ṣiṣẹ́, ṣiṣẹ́” kò wá dákẹ́ mọ́: itọ́ ń dà, òógùn ń dà, inú ń ṣu, omi ń kún ẹ̀dọ̀fóró. Èémí ló sì ń pa ọ̀pọ̀ tó bá kú. Bó ti ń pa kòkòrò náà nìyẹn.

Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Mo tún kọ́ pé ibà lè fa orí fífọ́ àti èébì, ṣùgbọ́n kì í sọ ọmọ ojú di orí abẹ́rẹ́, kì í sì í mú itọ́ dà báyẹn. Ẹni tó fọ́n oògùn láàárọ̀ tí àmì méjèèjì yìí hàn lára rẹ̀, ẹ má dúró de àgbo. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ojú kò bá tíì kéré náà, ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó.

Ní báyìí, omi lásán la kọ́kọ́ máa ń rọ sí pọ́ńpù. A ó rọ ọ́ kún, a ó dé e, a ó pọ́ńpù rẹ̀ kó le, ẹni tó fẹ́ lò ó á wá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, á rìn lọ rìn bọ̀ lórí ebè kan. Bí ẹ̀yìn aṣọ bá tutù, a kò ní po oògùn lọ́jọ́ náà. Rọ́bà ìdérí tuntun kò wọ́n rárá, n kò mọ ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí a ti ń po oògùn léwu ju ibi tí a ti ń fọ́n ọn lọ, torí ojúlówó rẹ̀ tí a kò tíì bu omi là ló ń kan ọwọ́ níbẹ̀. Ibọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn la ń lò. Ti aṣọ burú ju ọwọ́ lásán lọ nígbà míì, ṣe ló ń mu oògùn bíi kànrìnkàn, tí á sì so ó mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Bí ẹnu pọ́ńpù bá dí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni. Aṣọ oko ní korobá tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ ọmọ pàdé. Ìyàwó mi ló béèrè fún ìyẹn, nígbà tó rántí pé ọwọ́ òfìfo lòun fi ń fọ̀ wọ́n láti ọdún yìí wá.

N kò ra oògùn inú ìgò omi mọ́. Mo ń wo àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lébù: pupa ló léwu jù, n kì í mú un. Mo tún ń ka orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí àjọ NAFDAC ti fòfin de párákúáàtì láti oṣù kìíní ọdún 2024, àti oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní kíloripáírífọ́ọ̀sì láti oṣù kọkànlá ọdún kan náà, síbẹ̀ èèyàn ṣì lè rí èyí tó ṣẹ́kù lórí káńtà.

Pọ́ńpù tó ń jò yẹn ṣì wà lẹ́yìn àbà. Ẹnìkan wá yá a lóṣù tó kọjá, mo bá fi ọ̀bẹ gé rọ́bà rẹ̀ sí méjì níwájú rẹ̀. Inú bí i díẹ̀.