Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: Èjí Màmá Àgbà àti yẹtí tó yọ́ bí òrí

Ọjọ́ Sátidé

Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n màmá mi, máa pé àádọ́rin ọdún nínú oṣù tó ń bọ̀. Mo ti ṣèlérí pé màá ṣe àwòrán wọn kan tí yóò dà bíi pé ayàwòrán ló fi ọ̀dà kùn ún. Fọ́tò tí mo ní ni èyí tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó kan lọ́dún 2009: gèlè ńlá, iyùn lọ́rùn, yẹtí wúrà tó ń mì dirodiro, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín débi pé èjí wọn hàn ketekete. Orí wọn yí díẹ̀ sí apá òsì àwòrán.

Stable Diffusion 1.5, módẹ́lì AI tó ń ya àwòrán, ni mo ń lò lórí kọ̀m̀pútà mi, láti inú AUTOMATIC1111, ètò tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Mo gbé fọ́tò sí `img2img`, ibi tó ti ń fi àwòrán kan ṣe òmíràn, mo ní kó gbé àwòrán 512 × 768 jáde, mo sì fi `Denoising strength`, nọ́ńbà tó ń pinnu bó ṣe máa yí àwòrán padà tó, sí 0.55. Gèlè jáde bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e. Ojú ló bà á jẹ́. Ẹyinjú kan ń wò mí, èkejì ń wo ọ̀nà Dùgbẹ̀. Gbogbo eyín ti so pọ̀ di funfun kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn há ègé àgbọn sẹ́nu. Yẹtí kan rí roboto, èkejì yọ́ bí òrí tó rí oòrùn, ó ṣàn wọnú iyùn lọ.

Mo ní kó tún un ṣe, ó tó ogún ìgbà, mo ń pààrọ̀ `Seed`, nọ́ńbà tó fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán, nígbà kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe kàn ń ṣípò ni. Bí ojú bá gún, eyín á di mẹ́rìnlá.

Ìgbà tí mo wọn ojú náà nínú GIMP, ohun èlò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, ni ọ̀rọ̀ yé mi. Láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú Màmá kò ju píksẹ́lì 110 lọ. Ẹyinjú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 24, ẹnu jẹ́ 40. Bẹ́ẹ̀, módẹ́lì yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí píksẹ́lì gan-an. Ó máa ń kọ́kọ́ fún àwòrán pọ̀: píksẹ́lì mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó, á di àpótí kan ṣoṣo. Àwòrán 512 × 768 wá di àpótí 64 × 96. Nítorí náà àpótí mẹ́ta péré ló kan ẹyinjú kan níbùú, inú mẹ́ta yẹn ló sì ti fẹ́ rí funfun ojú, dúdú ojú, ọmọlójú àti ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lórí rẹ̀. Márùn-ún ló kan ẹnu. Ta ni yóò to eyín mẹ́jọ sínú àpótí márùn-ún kó má lẹ̀ pọ̀?

Ọjọ́ Àìkú

Mo wá ọ̀nà àbùjá. Mo tan CodeFormer, ohun èlò tó wà fún títún ojú ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú méjèèjì bára mu, eyín tò lẹ́sẹẹsẹ. Inú mi dùn títí mo fi fa àwòrán náà súnmọ́ra. Ojú fọ́tò ló wà láàárín ara tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, bí ẹni gé orí láti inú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sì yani lẹ́nu: FFHQ ni wọ́n fi kọ́ CodeFormer, ìyẹn fọ́tò ojú ènìyàn 70,000 tí wọ́n kó láti orí Flickr. Fọ́tò ló mọ̀. Ó rí ipa búrọ́ọ̀ṣì lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kà á sí ìdọ̀tí, ó nù ún kúrò.

Èyí tó dùn mí jù ni pé èjí ti lọ. Mo gbé `CodeFormer weight` láti 0.3 lọ sí 0.8, torí pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń súnmọ́ 1 ló ṣe ń fi ojú sílẹ̀ bó ṣe bá a. Èjí kò padà. Ibo ni yóò ti padà? `img2img` ti pa á rẹ́ lánàá, eyín tó lẹ̀ pọ̀ ni mo gbé fún CodeFormer. Mo pa á tì.

Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú: ẹyinjú

Ohun tó kàn ni pé kí ojú ní àpótí púpọ̀ sí i. Mo kọ́kọ́ sọ odindi àwòrán di ìlọ́po méjì, 1024 × 1536, nínú `Extras`, ibi tí wọ́n ti ń sọ àwòrán di ńlá. Ìyẹn kò tún àṣìṣe kankan ṣe, ó kàn fẹ̀ ẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó pọn dandan. Bí mo bá tún ojú ṣe lórí àwòrán kékeré, ibi kékeré náà ni yóò tún há a padà sí, gbogbo làálàá á sì dòfo.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí `Inpaint`, ibi tí wọ́n ti ń kun apá kan nínú àwòrán kí módẹ́lì lè tún ibẹ̀ nìkan yà. Mo kun ibi tí ojú méjèèjì wà, ó jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 192 níbùú, mo sì yan `Only masked`. Yíyàn yìí ni gbogbo iṣẹ́ dá lé. Dípò odindi àwòrán, ibi tí mo kùn nìkan ni yóò gé jáde, pẹ̀lú ààyè díẹ̀ yíká rẹ̀ tí `Only masked padding` ń pinnu. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ ní 32, nítorí náà 192 di 256. Mo ní kó ya á ní 768 × 768, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta. Ẹyinjú tó ti di 48 wá di 144, àpótí méjìdínlógún. Ó kúrò ní mẹ́ta!

Ìgbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé `Denoising strength` sí 0.75 tí wọ́n gbé e wá, ọ̀rọ̀ ìjúwe mi, ìyẹn ohun tí mo kọ pé kí módẹ́lì yà, sì ṣì ń sọ̀rọ̀ odindi obìnrin tó wé gèlè. Ẹ wá wo nǹkan! Ó ya obìnrin kékeré kan tó wé gèlè sí àárín ojú Màmá. Ohun tí mo ní kó yà náà ló kúkú yà. Ohun tó wà nínú ibi tí ó gé nìkan ni ìjúwe gbọ́dọ̀ sọ:

```
close-up of an elderly woman's eyes, dark brown irises, oil painting, visible brush strokes
```

Pẹ̀lú èyí àti 0.4, ojú dúró dáadáa. Mo kun méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n, èkejì dúdú.

Ó ṣẹ́ ku wíwò. Ojú òsì ṣì ń yà díẹ̀. Mo da ojú ọ̀tún kọ, mo yí i padà bíi ti dígí, mo gbé e lé òsì. Àwọ̀ bára mu, àmọ́ nǹkan kan ń dà mí láàmú tí mi ò lè tọ́ka sí, àfi lọ́jọ́ kejì: ìmọ́lẹ̀. Lójú ọ̀tún, ó ń tàn lápá òsì ọmọlójú. Nígbà tí mo yí i padà, tòsì ń tàn lápá ọ̀tún, bí ẹni pé iná méjì ni wọ́n tàn sí Màmá lójú. Mo pa á rẹ́. Dúdú ojú nìkan ni mo dà kọ lẹ́yìn ìyẹn, láìyí i padà. Roboto náà ló kúkú jẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ kó wà. Mo sọ ọ́ di ìdá 90 nínú 100, torí pé orí yí sápá òsì, ojú òsì ló jìnnà sí wa.

Ọjọ́ Ẹtì: eyín

Eyín ni mo bẹ̀rù jù. Lára àwọn ojú àtọwọ́dá tí StyleGAN, módẹ́lì tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé jáde lọ́dún 2018, ń ṣe, nǹkan tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni pé orí á yí, eyín á ṣì kọjú sí ẹni tó ń ya fọ́tò, kò ní bá orí lọ. Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàfo àárín eyín iwájú gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kòtò kékeré tó wà láàárín imú àti ètè òkè. Bí imú bá yà sósì, òun náà á yà. Ti Màmá wà ní píksẹ́lì mẹ́jọ sápá ọ̀tún ibi tó yẹ.

Mo ṣí lẹ́yà tuntun nínú GIMP, mo gbé fọ́tò 2009 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ ya eyín. Kì í ṣe funfun báláú ni mo lò, àwọ̀ tó súnmọ́ ti eyín erin ni, mo sì mú igun ẹnu méjèèjì ṣú díẹ̀. Mi ò fa ìlà sáàárín eyín kan àti èkejì. Mo gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹnu wá dà bí ìgànná bíríkì. Ìwọ̀nba ibi tí erìgì ti tẹ̀ kọrọdọ lókè eyín kọ̀ọ̀kan tó láti mú kí ojú ka iye eyín fúnra rẹ̀. Èjí nìkan ni mo yà gedegbe: píksẹ́lì mẹ́ta níbùú, àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, torí dúdú kirikiri máa ń mú un dà bí eyín tó ti yọ.

Mo wá gbé e padà sí `Inpaint` kí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè bá ti ara yòókù mu. `Masked content` wà lórí `original`, kó lè ṣiṣẹ́ lórí ohun tí mo yà. Ní 0.5, ó dí èjí pátápátá. Ní 0.4, èjí tín-ín-rín bí okùn. Ní 0.3, ó dúró bí mo ṣe yà á, ètè sì ní ipa búrọ́ọ̀ṣì. Mo kọ `gap between front teeth` mọ́ ìjúwe pẹ̀lú, àmọ́ mi ò rò pé òun ló ṣe é. Nọ́ńbà ni.

Ọjọ́ Sátidé: yẹtí àti iyùn

Yẹtí ọ̀tún dára, mo dà á kọ, mo yí i padà fún òsì. Orí Màmá fì díẹ̀, yẹtí tí mo yí padà náà wá fì síta, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń gbé e. Yẹtí tó ń rọ̀ kì í bá orí fì, ilẹ̀ ló máa ń kọjú sí. Mo tọ́ ọ kó rọ̀ gbọnrangandan, mo tún ibi tó ń dán yà, mo fi 0.3 pa á pọ̀ mọ́ etí.

Iyùn ò gba ọgbọ́n kankan ju sùúrù lọ. Mo fa ìlà kan yíká ọrùn fún okùn kọ̀ọ̀kan kí n lè rí ibi tó ń gbà kọjá lábẹ́ àgbọ̀n, mo to ẹyọ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dín wọn kù bí wọ́n ṣe ń lọ sẹ́yìn ọrùn. `Mask blur` 8 dípò 4, kí etí ibi tí mo kùn má baà hàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé e lọ han Màmá Àgbà lórí fóònù. Wọ́n fa ẹnu súnmọ́, wọ́n rí èjí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fà á lọ sí ọrùn, wọ́n ń fi ìka kà.

"Okùn iyùn mélòó lo fún mi yìí?"

"Mẹ́rin ni, Mà."

"Mẹ́ta ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo délé, mo ṣí fọ́tò. Òótọ́ ni, mẹ́ta ni. Òjìji okùn ìsàlẹ̀ lára aṣọ ni módẹ́lì sọ di okùn kẹrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi náà sì fara balẹ̀ to iyùn lé e, ẹyọ mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀la ni màá yọ ọ́.